Igun Ni Ká Kọ́kọ́ Yí

Pílétì irin kan wà tí mo gbé kọ́ ara ògiri ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó nípọn tó mìlímítà 25, ihò mẹ́jọ ló sì wà lára rẹ̀, tí wọ́n tò yípo bí ọmọdé tó ń ṣeré òṣùpá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní iṣẹ́ tó mọ́ ni, nítorí àlàfo tó wà láàárín ihò kan sí èkejì bára mu rẹ́gí, kò sì sí èyí tó yẹ̀ kúrò lójú òbìrìkìtì. Síbẹ̀, kò wúlò fún ohun tí a ṣe é fún. Gbogbo ihò náà ló fi mìlímítà 23 ṣìnà, apá kan náà ni gbogbo wọn sì jọ ṣìnà sí. Èmi ni mo ṣe é. Dígírì 7 péré ló yẹ kí n yí i, òdìkejì ibi tó yẹ ni mo sì yí i sí.

Ilé iṣẹ́ kan ló gbé iṣẹ́ náà wá. Wọ́n ti ra pọ́ǹpù omi tuntun, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá ẹnu páìpù tó wà nílẹ̀ mu, wọ́n wá ní kí n ṣe pílétì tí yóò wà láàárín àwọn méjèèjì. Pílétì náà fẹ̀ ní mìlímítà 260, ó ga ní 300, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gún gbọọrọ nítorí orí kọ́ńkéré ló máa dúró sí. Èyí ṣe pàtàkì o. Fílánjì róbótó tí ẹsẹ̀ kò sí lára rẹ̀, tí ihò rẹ̀ bá wọ́, a lè yí i díẹ̀ lọ́wọ́ títí bóòtù á fi wọlé. Èyí tó ní ẹsẹ̀ kò ṣe é yí. Ibi tí ihò rẹ̀ bá wà nígbà tó kúrò lórí ẹ̀rọ náà ló máa wà títí ayé.

Páìpù ọ̀hún jẹ́ ti ínṣì 4, fílánjì ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ kíláàsì 150. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá fílánjì ṣiṣẹ́ pẹ́ á mọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí, nítorí ìlànà ASME B16.5 ti là á kalẹ̀: ihò mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 19, lórí òbìrìkìtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 190.5. Bí a bá pín òbìrìkìtì kan, tó jẹ́ dígírì 360, sí ọ̀nà mẹ́jọ, dígírì 45 ló máa wà láàárín ihò kan sí èkejì. Ìlànà kan náà ló sọ pé ihò kankan kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlà tó gba àárín gùn lọ sókè. Ihò méjì ló gbọ́dọ̀ fi ìlà náà sáàárín, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìdí nìyí tí ihò àkọ́kọ́ kì í fi í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìdajì 45 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 22.5.

Bí ẹni tó jó fílánjì náà mọ́ páìpù bá ti gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ kò gbé e. Nígbà tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi débẹ̀, tí a dúró kọjú sí ẹnu páìpù, a rí i pé bóòtù òkè méjèèjì kò dọ́gba. A gbé irin gbọọrọ àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé wọn, a fi fáníà wọn àlàfo rẹ̀: bóòtù ọ̀tún fi mìlímítà 8.9 ga ju ti òsì lọ. Àárín bóòtù kan sí èkejì jẹ́ 72.9. Mo pín 8.9 sí ọ̀nà 72.9, mo tẹ `sin⁻¹` lórí kakulétọ̀, ó fún mi ní dígírì 7 àti ìdá tíńtín tí kò tó nǹkan. Fílánjì náà ti yí ní dígírì 7, òdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ.

Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ni mo máa ń fi ṣàlàyé ohun tó kù fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Bí ewúrẹ́ bá fa okùn rẹ̀ le, nǹkan méjì péré la nílò láti sọ ibi tó wà: bí okùn ṣe gùn tó, àti ìhà tí okùn kọjú sí. Bí àwòrán iṣẹ́ ṣe ń sọ ibi tí ihò wà náà nìyẹn. Àárín òbìrìkìtì ni èèkàn. Okùn ni ìwọ̀n láti àárín dé ihò, tí à ń pè ní rédíọ́ọ̀sì. Ìhà tí okùn kọjú sí ni igun. Ọ̀nà yìí dára fún ẹni tó ń ya àwòrán, nítorí okùn kan náà ni gbogbo ihò mẹ́jọ ń lò. Igun nìkan ló ń yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgé-irin kò ní èèkàn, kò sì ní okùn. Sikúrúù gígùn méjì ló ń gbé tábìlì rẹ̀ rìn. Ọ̀kan ń gbé e lọ sọ́tùn-ún sósì, òun là ń pè ní X. Èkejì ń gbé e lọ síwájú sẹ́yìn, òun ni Y. Bí ẹni tó ń júwe ebè kan láàárín oko ni: ka poro mélòó sí ọ̀tún, kí o wá rìn mélòó wọnú. Láti ìpilẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí John Parsons ní Traverse City, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ń wá bí wọ́n ṣe máa gé apá hẹlikọ́pítà kó péye, ó fi ẹ̀rọ ìṣirò wá nọ́ńbà X àti Y àwọn ibi tí irin ìgé gbọ́dọ̀ dé. Òṣìṣẹ́ kan ń ka nọ́ńbà jáde, ẹnìkan dúró ti àgbá X, ẹnìkan dúró ti ti Y, wọ́n ń yí i. Ìdí iṣẹ́ yìí ni a ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi han aráyé ní MIT lọ́dún 1952, èyí tó ń fúnra rẹ̀ ka nọ́ńbà láti ara téèpù oníhò. Tiwa òde òní, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ okùn àti igun di X àti Y. Ìlà méjì péré ló ń ṣe é:

```
X = Xc + R × cos θ
Y = Yc + R × sin θ
```

`Xc` àti `Yc` ni ibi tí èèkàn wà. `R` ni okùn. Igun ni `θ`. Ohun tí kọ́sáìnì ń sọ fún wa ni ìdá mélòó nínú okùn ló lọ sápá ọ̀tún. Sáìnì ń sọ ìdá mélòó ló lọ sókè. Bí okùn bá nà gbọọrọ sí ọ̀tún, ibi tí ọwọ́ aago máa ń wà ní aago mẹ́ta, igun jẹ́ òdo, kọ́sáìnì jẹ́ 1, sáìnì jẹ́ òdo: gbogbo okùn ló wà ní X. Bí ó bá nà sókè tààrà, igun di 90, gbogbo okùn sì bọ́ sí Y. Láti aago mẹ́ta yìí ni igun ti ń pọ̀ sí i, ó ń lọ sí aago méjìlá, ó ń lọ sí aago mẹ́sàn-án, òdì sí bí aago ṣe ń rìn.

Lórí pílétì tiwa, igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ni mo fi ṣe òdo X àti Y. Àárín òbìrìkìtì wà ní X 130, Y 170. Okùn jẹ́ 95.25, ìyẹn ìdajì 190.5. Ẹ má gbàgbé pé ìdajì ni. Àwòrán iṣẹ́ máa ń kọ ìbú òbìrìkìtì, ojú sì máa ń yára mú nọ́ńbà tó bá rí. Bí mo bá fi 190.5 ṣe okùn, ihò àkọ́kọ́ á bọ́ sí X 306, lórí pílétì tó jẹ́ 260 péré. Díríìlì á lọ lu afẹ́fẹ́, tàbí kó lọ lu kíláàǹpù, èyí tó burú jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni pé fílánjì kò wọ́. Igun jẹ́ 22.5. Kọ́sáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.92388, a fi 95.25 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 88.000. Sáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.38268, ó di 36.451. Ihò àkọ́kọ́ fi 88.000 wà lọ́tùn-ún àárín, ó sì fi 36.451 ga jù ú lọ. Ihò kejì, tó wà ní 67.5, kàn gba ipò ara wọn ni: 36.451 sí ọ̀tún, 88.000 sókè. Nọ́ńbà méjì yìí ló máa gbé gbogbo ihò mẹ́jọ. Àmì máínọ́ọ̀sì àti pípààrọ̀ ipò nìkan ló kù.

Ibí yìí ni ọmọ iṣẹ́ mi ti béèrè ìbéèrè tí mo ti ń retí.

“Ọ̀gá, dígírì 7 tó yí yẹn, ṣé ara X ni kí n fi kún ni, àbí ara Y?”

Mo ní, “Kò sí nínú méjèèjì. Ara igun ni.”

Ẹ wò ó bí ó ṣe rí. Bí a bá yí ihò àkọ́kọ́ ní dígírì 7 láti 22.5 sí 29.5, X rẹ̀ kúrò ní 88.000, ó di 82.901, Y rẹ̀ kúrò ní 36.451, ó di 46.903. Ìyẹn ni pé ó fi nǹkan bí 5 sún sí òsì, ó sì fi bí 10 àti ààbọ̀ gòkè. Ihò kejì ń kọ́? Òun fi 11 sún sí òsì, kò sì gòkè tó 4. Dígírì 7 kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ sí ara X àti Y ihò kọ̀ọ̀kan lọ́nà tirẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kan tí ẹ lè fi kún gbogbo X tí yóò yí àpẹẹrẹ náà. Ẹ lè ti gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè yí i. Àmọ́ níbi tó ṣì jẹ́ okùn àti igun, àròpọ̀ ọmọ kékeré ni: 22.5 di 29.5, 67.5 di 74.5, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹjọ. Mo gbà pé ọgbọ́n tó wà nínú gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju èyí lọ: ká parí yíyí tán nígbà tí ihò ṣì jẹ́ igun, ká tó wá sọ ọ́ di X àti Y lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti àárín. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ di X àti Y tán kó tó rántí pé ó yẹ kó yí i, àtúnṣe gbogbo ìṣirò ló ń dúró dè é.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ ọ́n, tí mo sì tún bà á jẹ́. Ojú pílétì tí gásíkẹ́ẹ̀tì máa jókòó sí, ojú tó kọjú sí páìpù, nílò gígé pẹrẹsẹ. Kí n má bàa tú kíláàǹpù lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé ojú yẹn sókè lórí tábìlì, mo gé e, mo sì lu ihò láti orí rẹ̀ pẹ̀lú 29.5 tí mo ti ṣírò. Ẹ rántí pé iwájú páìpù la dúró sí nígbà tí a wọn dígírì 7. Bí a bá gbé pílétì lé páìpù, ẹ̀yìn rẹ̀, ìhà pọ́ǹpù, ló máa kọjú sí wa. Ojú tó wà lókè lórí tábìlì mi ni ojú tí a kò lè rí láti ibi tí a dúró. Ẹ kọ lẹ́tà sórí pépà, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn níwájú iná, ẹ ó rí i pé ọ̀tún ti di òsì. Yíyí tó lòdì sí aago ti di èyí tó ń bá aago lọ. Kì í ṣe 22.5 tí a fi 7 kún ló yẹ kí n lò. 22.5 tí a yọ 7 kúrò nínú rẹ̀ ni: 15.5. Mo fi 7 ṣìnà lọ́tùn-ún dípò òsì, ìyàtọ̀ wá di 14, dígírì 14 lórí òbìrìkìtì yẹn sì jẹ́ mìlímítà 23. Nígbà tí a gbé pílétì débẹ̀, bóòtù kan kò wọlé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e jáde. Mo wọn ihò sí ihò: láti etí òde ihò kan dé etí òde èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 91.9, tí a bá yọ 19 tí í ṣe ìbú ihò kan, ó ku 72.9, ó pé. Mo ro gbogbo X pọ̀, mo pín in sí mẹ́jọ, ó fún mi ní 130. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Y, ó fún mi ní 170. Àyẹ̀wò méjèèjì yìí dára gan-an, mi ò sì jẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n máa ń mú ẹni tó tẹ nọ́ńbà kan ṣì, ẹni tó gbàgbé máínọ́ọ̀sì, àti ẹni tí kakulétọ̀ rẹ̀ wà ní `RAD` dípò `DEG`. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó yí sí ọ̀tún àti èyí tó yí sí òsì jọ pé pérépéré ni lójú wọn. Kò sí ìṣirò tó lè sọ ìyẹn fún wa. Ojú ló ń rí i.

Ìdí nìyí tí mo fi ń lo pépà báyìí. Nígbà tí a padà lọ, mo tẹ́ páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú fílánjì páìpù, mo fi òòlù rọra lu etí ihò kọ̀ọ̀kan títí páálí fi gé róbótó. Mo fa ìlà tó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ sí i, mo kọ “ìhà páìpù” sí ojú kan, mo kọ “ìhà pọ́ǹpù” sí èkejì. Ní ṣọ́ọ̀bù, ojú tó bá wà lókè lórí tábìlì ni ojú páálí tí mo máa yí sókè. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ púrógíráàmù kejì, tó bẹ̀rẹ̀ láti 15.5:

```
G21 G17 G90 G54
G81 X221.786 Y195.454 Z-32. R3. F100
X176.903 Y252.901
X104.546 Y261.786
X47.099 Y216.903
X38.214 Y144.546
X83.097 Y87.099
X155.454 Y78.214
X212.901 Y123.097
G80
```

(Mo fo ìlà tó ń pe díríìlì àti èyí tó ń yí i sílẹ̀ níhìn-ín.) `G90` ni pé ká wọn ohun gbogbo láti òdo kan náà. `G81` ni lílu ihò. Ó ń bá iṣẹ́ lọ ní gbogbo ibi tí a bá dárúkọ títí `G80` yóò fi dá a dúró. `Z-32.` jìn ju 25 tí pílétì nípọn lọ, nítorí ṣóńṣó díríìlì 19 gbọ́dọ̀ jáde tán kí ihò tó fẹ̀ bó ṣe yẹ dé ìsàlẹ̀. Ẹ wo dọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà: lórí ẹ̀rọ mìíràn, nọ́ńbà tí kò bá ní dọ́ọ̀tì, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ló máa kà á sí, 32 á wá di mìlímítà 0.032.

Ẹ wo ihò kejì àti ìkẹta. Y wọn jẹ́ 252.901 àti 261.786. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.885, ohun tí a fi fáníà wọn lójú páìpù gan-an nìyẹn, ti òsì ló sì ga nísinsìnyí, nítorí pé láti ẹ̀yìn là ń wò ó. Nígbà tí mo rí i, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀ n kò lu ihò kankan. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹnu díríìlì kàn fọwọ́ kan irin ní ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò jìn ju ìdajì mìlímítà lọ, mo wá tẹ́ páálí lé e. Ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bọ́ sáàárín róbótó wọn.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mo ń fi ọwọ́ ṣírò, nígbà tí ẹ̀rọ mìíràn mọ igun. Òótọ́ ni. Lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ `G16`, ẹ lè kọ okùn sí X àti igun sí Y, kí ó fúnra rẹ̀ ṣe ìyókù. Àmọ́ òdo ni yóò kà sí èèkàn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi `G52 X130. Y170.` gbé òdo lọ sí àárín òbìrìkìtì. Bí ẹ bá sì gbàgbé `G15` tó ń pa á, X tó bá tẹ̀ lé e á tún di okùn, tábìlì á sì gba ibi tí ẹ kò rò lọ. Mo ń lò ó nígbà mìíràn. Kódà nígbà náà, mo ṣì máa ń fọwọ́ ṣírò ihò kan, kí n lè mọ ibi tó yẹ kí n rí díríìlì.

Ohun kan tún wà nínú ìṣirò yìí tí ọ̀pọ̀ ń fojú kékeré wò. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ti fẹ́ gé kọ́sáìnì 22.5 kúrú sí 0.92, ó ní ìyókù kò tó nǹkan. 95.25 lọ́nà 0.92 jẹ́ 87.63, kì í ṣe 88.000, ó ti fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta mìlímítà sọnù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kakulétọ̀ gbé gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ dé òpin. Èsì ìkẹyìn nìkan ni ká gé. Kí ẹ sì ṣírò ihò kọ̀ọ̀kan láti àárín. Ẹni tó bá ń ṣírò ihò kejì láti ara àkọ́kọ́, ìkẹta láti ara ìkejì, á gbé àṣìṣe kékeré ti ọ̀kan lé ti èkejì, àlàfo tó kẹ́yìn ni yóò sì san gbèsè gbogbo wọn.

Pílétì kejì wọlé. Ọwọ́ la fi ti bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí a tó mú sípánà. Mo mọ̀ pé fílánjì ràn wá lọ́wọ́: bóòtù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 5/8, kò tó mìlímítà 16, ihò sì jẹ́ 19, àyè tó lé ní 3 ló wà láti mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí a bá ti fi ìdajì mìlímítà ka 8.9 ṣì lójú páìpù, ihò kò ní sún ju mìlímítà 0.66 lọ, bóòtù á ṣì wọlé. Ká ní píìnì tó gbọ́dọ̀ há gádígádí nínú ihò ni, irin gbọọrọ àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì kò ní tó láti fi wọn igun. Mi ò bá ti ní kí wọ́n tú fílánjì náà, kí wọ́n gbé e wá fún mi lórí tábìlì. Páálí ọ̀hún ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílétì àkọ́kọ́ lára ògiri, ìhà páìpù ló kọjú síta.